Ibo ni olùtọrẹ yóò ti tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀? Ìfiwéra ọ̀nà mẹ́ta fún ẹgbẹ́ aláàánú kékeré

Bí ẹgbẹ́ aláàánú kékeré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọrẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ jiyàn lé lórí ni àwọ̀ ojú-ewé náà, àwòrán tí yóò wà lókè rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kọ sára bọ́tìnnì. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ní àyè tiwọn. Ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ olùtọrẹ ti máa ń dúró, tí yóò tún ojú fóònù rẹ̀ wò dáadáa, ni ibi tí wọ́n ti ní kó tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀. Ohun méjì ló ń rò níbẹ̀: ta ló fẹ́ gba nọ́ńbà yìí lọ́wọ́ mi? Ṣé àwọn tí mo fẹ́ fún lówó náà ṣì ni mo wà lọ́dọ̀ wọn?

Ọ̀nà tí ẹ bá yàn láti gbowó ló máa dáhùn ìbéèrè méjèèjì, yálà ẹ rò ó tẹ́lẹ̀ tàbí ẹ ò rò ó. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀.

Ọ̀kan ni pé kí ẹ ṣí ojú-ewé sórí ìkànnì ìkówójọ tó jẹ́ ti ẹlòmíràn, irú bíi GoFundMe tàbí JustGiving. Orúkọ ìkànnì náà ló máa wà lókè, tiyín á wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èkejì ni pé kí ẹ ní ìkànnì tiyín, kí ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ sọ níbẹ̀, kí bọ́tìnnì wá gbé olùtọrẹ lọ sí ojú-ewé ìsanwó tí ilé-iṣẹ́ bíi Stripe, PayPal tàbí Paystack ti ṣe sílẹ̀. Bó bá sanwó tán níbẹ̀, á padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ̀kẹta ni pé kí àpótí tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà káàdì sí wà láàrin ojú-ewé yín gan-an, kí olùtọrẹ má kúrò níbẹ̀ rárá. Ilé-iṣẹ́ ìsanwó ló ni àpótí náà. Ẹ kàn là fèrèsé kékeré kan sílẹ̀ tó ti ń yọjú ni.

Ọ̀nà kẹrin wà, àmọ́ mi ò ní kà á mọ́ wọn: kí nọ́ńbà káàdì máa gba inú sáfà tiyín kọjá, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì yín ń gbé lórí rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì ní ìlànà ààbò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PCI DSS. Ẹni tó bá ń fọwọ́ ara rẹ̀ gba nọ́ńbà káàdì yóò bá ìwé ìbéèrè tó gùn jù lọ níbẹ̀ pàdé, ìyẹn SAQ D, nígbà tó jẹ́ pé SAQ A tó kúrú gan-an ló wà fún ẹni tó gbé gbogbo iṣẹ́ káàdì lé ilé-iṣẹ́ ìsanwó lọ́wọ́. Bí ẹni tó ń bá yín ṣe ìkànnì bá ní òun lè kọ fọ́ọ̀mù káàdì fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ̀.

| | Ìkànnì ìkówójọ | Bọ́tìnnì sí ojú-ewé ìsanwó | Àpótí káàdì lójú-ewé yín |
|---|---|---|---|
| Orúkọ tó hàn níbi tí wọ́n ti ń tẹ káàdì | ti ìkànnì náà, lẹ́yìn náà tiyín | tiyín àti ti ilé-iṣẹ́ ìsanwó | tiyín |
| Ibi tí gbájúẹ̀ ti lè wọlé | ojú-ewé ayédèrú tó jọ tiyín | líǹkì bọ́tìnnì tí wọ́n yí padà | kóòdù àjèjì lójú-ewé yín |
| Àkọsílẹ̀ àwọn olùtọrẹ | ohun tí ìkànnì náà bá fún yín | ẹ̀yin lẹ ni ín | ẹ̀yin lẹ ni ín |
| Àmójútó tó wà lọ́rùn yín | díẹ̀ | díẹ̀ | púpọ̀ |

## Ìkànnì ìkówójọ: ó yá, àmọ́ ta ló ni ojú-ewé yẹn?

Ọ̀nà yìí dára fún ohun pàjáwìrì tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ẹ lè ṣí i ní òwúrọ̀ kí ọrẹ ti máa wọlé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn olùtọrẹ mìíràn sì ti sanwó lórí ìkànnì náà rí, kò ṣàjèjì sí wọn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè kó àwòrán yín, kó ṣí ojú-ewé tirẹ̀ lórí ìkànnì kan náà, kó sì kọ ìtàn tó jọ tiyín. Olùtọrẹ tó bá rí méjèèjì kò ní ohun tí yóò fi dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ohun tó ń yanjú rẹ̀ ni pé kí ẹ ní ìkànnì tiyín, bó tilẹ̀ jẹ́ ojú-ewé kan ṣoṣo, kí ẹ kọ àdírẹ́sì ojú-ewé ìkówójọ yín síbẹ̀ ní kíkún, kí ẹ sì sọ pé òun nìkan ni tiyín. Ìyẹn ni pé ẹni tó yan ọ̀nà yìí kí ó má baà ṣe ìkànnì yóò ṣì ṣe é náà ni.

Ohun kejì ni owó ìmọrírì. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ìkówójọ máa ń bẹ olùtọrẹ pé kó fi nǹkan díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn fúnra wọn, wọ́n sì lè ti yan iye kan sílẹ̀ dè é. Olùtọrẹ tí kò kíyè sí i yóò rò pé ẹ̀yin lẹ gba gbogbo rẹ̀. Bó bá mọ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ló máa bínú sí. Ẹ sọ ọ́ fún un lójú-ewé tiyín kó tó tẹ líǹkì: iye tí ìkànnì náà ń béèrè, àti pé ó lè yí i sí òdo.

## Bọ́tìnnì: bí orúkọ kò ṣe ní yí padà lójú ọ̀nà

Ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń fi kan ọ̀nà kejì ni pé àdírẹ́sì máa ń yí padà lójijì. Olùtọrẹ wà lórí `example.org`, ó tẹ bọ́tìnnì, ó bá ara rẹ̀ lórí `checkout.stripe.com`. Ẹ̀rù lè bà á lóòótọ́. Àmọ́ ohun tó ń dẹ́rù bà á ni pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Ẹ kọ gbólóhùn kan sókè bọ́tìnnì náà: «Ẹ óò kọjá sí ojú-ewé Stripe láti sanwó. Orúkọ wa lẹ máa rí níbẹ̀. Nọ́ńbà káàdì yín kò ní dé ọ̀dọ̀ wa.» Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn jẹ́ òótọ́, ó sì yẹ kí olùtọrẹ gbọ́ ọ.

Láti ìgbà náà, ẹ ṣọ́ orúkọ yín dé òpin. Ẹ fi àmì ẹgbẹ́ àti àwọ̀ yín sí ojú-ewé ìsanwó. Àyè rẹ̀ wà nínú ètò àkáǹtì yín níbẹ̀. Orúkọ tí ẹ kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ yín sí. Lẹ́yìn náà ni ibi tí àwọn ẹgbẹ́ kékeré máa ń gbàgbé jù: orúkọ tí yóò hàn nínú àkọsílẹ̀ báńkì olùtọrẹ. Lórí Stripe, `statement descriptor` ni wọ́n ń pe àyè náà, lẹ́tà tó lè gbà kò dín sí 5, kò sì ju 22 lọ. Bí ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ bá ti ń lo àkáǹtì ilé-iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, orúkọ ilé-iṣẹ́ yẹn ni olùtọrẹ máa rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò rántí orúkọ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ń pe báńkì rẹ̀ pé wọ́n ti jí owó òun. Báńkì yóò gba owó náà padà lọ́wọ́ yín, ilé-iṣẹ́ ìsanwó yóò sì gba owó ìjà-owó lé e lórí, ìyẹn owó tí wọ́n ń bù lé yín nígbàkigbà tí ẹni tó ni káàdì bá ní kí wọ́n dá owó òun padà. Ọrẹ tí wọ́n fi tinútinú fún yín ti di gbèsè.

Ẹ má sọ fún olùtọrẹ pé kó wo àmì àgádágodo lókè kó tó gbà yín gbọ́. Ayédèrú ìkànnì náà máa ń ní `https`, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ti ń gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Chrome fúnra rẹ̀ ti mú àmì àgádágodo yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì nínú ẹ̀dà 117, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, nítorí pé àwọn ènìyàn ń rò pé ó túmọ̀ sí pé ìkànnì náà jẹ́ ti olóòótọ́. Àdírẹ́sì tí ẹ kọ ní kíkún, tó bá èyí tó wà lójú fóònù rẹ̀ mu, ló wúlò fún un.

## Àpótí káàdì lójú-ewé yín: ó dùn ún wò, ó ní ìnira

Mo gbà pé ọ̀nà kẹta ló dùn ún wò jù. Kò sí ìyípadà àdírẹ́sì, àwọ̀ kan náà ló wà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo kóòdù tó bá wà lójú-ewé yẹn ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú àpótí káàdì: kóòdù tó ń ka iye àlejò, tó ń fi fídíò hàn, tó ń ṣí àpótí ìbánisọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bọ́ sọ́wọ́ olè, olè náà ti wà níbi tí káàdì wà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú British Airways ní ọdún 2018 nìyẹn. Nǹkan bí ìlà kóòdù 22 ni wọ́n rọra fi kún ọ̀kan nínú àwọn fáìlì tó wà lórí ìkànnì náà. Ohun tí oníbàárà bá tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù ìsanwó, kóòdù náà á da ẹ̀dà rẹ̀ kọ, á sì fi ránṣẹ́ sí `baways.com`, àdírẹ́sì tí àwọn olè náà ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè jọ ti ilé-iṣẹ́ náà. Ìsanwó ń lọ déédéé, nítorí náà oníbàárà kò fura. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ní Gẹ̀ẹ́sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn lé wọn.

Àpótí tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ìsanwó, tó ń yọjú nínú fèrèsé, ní ààbò ju ti British Airways lọ, torí kóòdù àjèjì kò lè ka ohun tó wà nínú fèrèsé náà. Àmọ́ ó lè gbé fèrèsé ayédèrú bo ojúlówó mọ́lẹ̀. Àmì rẹ̀ nìyí: olùtọrẹ máa ní òun tẹ nọ́ńbà káàdì lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́ wọ́n ní àṣìṣe wà, àpótí náà tún jáde, nígbà kejì ó lọ. Èyí àkọ́kọ́ ló lọ sọ́dọ̀ olè. Bí olùtọrẹ méjì bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún yín, ẹ gbé ojú-ewé náà kúrò ná, kí ẹ tó wá ìdí rẹ̀.

Torí èyí ni PCI DSS ẹ̀dà kẹrin ṣe fi àwọn ìlànà kún un nípa kóòdù ojú-ewé ìsanwó, tó sì di dandan láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2025. Ẹni tó bá fẹ́ lo SAQ A pẹ̀lú fèrèsé báyìí gbọ́dọ̀ lè fọwọ́ sí i pé ìkànnì òun kò ṣí sílẹ̀ fún irú ìkọlù yìí. Ta ni yóò fọwọ́ sí i ní ẹgbẹ́ yín? Bí kò bá sí ẹni tó lè ka orúkọ gbogbo kóòdù tó wà lójú-ewé yẹn, kó sì sọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀, ọ̀nà yìí kò tíì tó yín.

Bọ́tìnnì náà kò bọ́ lọ́wọ́ ewu pátápátá. Ẹni tó bá jí ọ̀rọ̀-ìwọlé ìkànnì yín lè yí líǹkì rẹ̀ padà sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ewu yẹn rọrùn láti rí: ẹnì kan máa fi fóònù tirẹ̀ tẹ bọ́tìnnì náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á ka àdírẹ́sì tó gbé e dé, ó parí.

## Ẹgbẹ́ kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé rìsíìtì

Ẹ jẹ́ ká mú ẹgbẹ́ kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè fẹsẹ̀ rìn ṣe. Olùyọ̀ǹda ara ẹni mẹ́ta ló ń ṣe é, ọ̀kan nínú wọn mọ WordPress, ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì, díẹ̀, ìrọ̀lẹ́ nìkan ló sì ń ráyè. Nǹkan bí ogójì olùtọrẹ ló ń fún wọn lówó lóṣooṣù, ọrẹ kékeré ló pọ̀ jù. Ọ̀nà kejì ni màá ní kí wọ́n mú, mi ò ṣiyèméjì rárá.

Ojú-ewé ọrẹ wọn kò nílò ohun púpọ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú líǹkì sí àkọsílẹ̀ ìjọba níbi tí olùtọrẹ ti lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ohun tí owó ń ṣe: taya, bẹ́árìnì, ìjókòó, pẹ̀lú iye tí wọ́n ná ní ọdún tó kọjá. Í-meèlì kan tí ènìyàn ń dáhùn. Lẹ́yìn náà, gbólóhùn tí mo kọ lókè yẹn, àti bọ́tìnnì.

Ọ̀rọ̀ iye owó gba àròjinlẹ̀. Ká ní ilé-iṣẹ́ ìsanwó wọn ń gba ìdá 2.9 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń gba 0.30 lé e lórí ọrẹ kọ̀ọ̀kan. Lórí ọrẹ 50, wọ́n á gba 1.75, ìyẹn ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí ọrẹ 5, wọ́n á gba bí 0.45, ìyẹn nǹkan bí ìdá 9. Ẹni tó bá ń fi 5 ránṣẹ́ lóṣooṣù yóò ti fún wọn ní 60 lọ́dún, 5.34 nínú rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìsanwó. Bó bá fi 15 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, 60 náà ló ṣì jẹ́, àmọ́ 2.94 ló máa lọ. Nítorí náà ó dára kí wọ́n fi oṣù mẹ́ta-mẹ́ta kún ohun tí olùtọrẹ lè yàn, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá fẹ́ kí olùtọrẹ gbé owó yìí fún wọn, kí àpótí kékeré tí yóò fi gbà bẹ́ẹ̀ wà láìsí àmì nínú rẹ̀, kí iye rẹ̀ sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni ọrẹ oṣooṣù: ẹ má ti fi àmì sí i de olùtọrẹ. Ẹni tó bá rí i pé wọ́n ti gba owó òun lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ pé òun fọwọ́ sí i kò ní padà mọ́.

Rìsíìtì ni ohun tó máa ń bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Àwọn kan máa ń ṣe é kí rìsíìtì jáde nígbà tí olùtọrẹ bá padà dé ojú-ewé «A dúpẹ́». Àṣìṣe ni. Ẹlòmíràn á sanwó tán, á pa fóònù rẹ̀ kó tó padà dé. Kò ní rí rìsíìtì gbà. Ẹlòmíràn sì lè ṣí ojú-ewé ọpẹ́ náà ní tààrà láìsan kọ́bọ̀, kó gba rìsíìtì. Ẹ̀rí pé owó wọlé ni ìfitónilétí tí ilé-iṣẹ́ ìsanwó ń fi ránṣẹ́ sí sáfà yín, `webhook` lẹ máa rí i kọ nínú ètò wọn. Lórí Stripe, `checkout.session.completed` ni orúkọ èyí tí ẹ ń dúró dè nígbà tí olùtọrẹ bá sanwó lójú-ewé náà, `invoice.paid` sì ni ti ọrẹ oṣooṣù tó bá ń wọlé lẹ́yìn náà. Lórí Paystack, `charge.success` ni. Ẹni tó bá ń kọ kóòdù rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ìbuwọ́lù tó bá a wá wò, kí ẹlòmíràn má baà fi ayédèrú ránṣẹ́. Bí kò bá sí ẹni tó lè ṣe èyí, ẹ jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ìsanwó fúnra wọn máa fi rìsíìtì ránṣẹ́; ohun tí òfin ibi tí ẹ wà bá ní kó tún wà lórí ìwé ẹ̀rí ọrẹ, ẹ lè fi í-meèlì tiyín ránṣẹ́ lẹ́yìn náà.

## Àwọn tó ń fi ọrẹ kékeré dán káàdì olè wò

Ẹgbẹ́ kékeré kì í retí èyí, síbẹ̀ ojú-ewé ọrẹ ni àwọn olè fẹ́ràn jù fún un. Olè tó ra ẹgbẹ̀rún nọ́ńbà káàdì fẹ́ mọ èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ní ọ̀dọ̀ yín, kò sí ọjà tí wọ́n máa gbé ránṣẹ́ sí ilé ẹnikẹ́ni, òun náà ló sì máa yan iye tó fẹ́ san. Á kọ 1, á tẹ̀ ẹ́, á tún tẹ òmíràn.

Ẹ máa mọ̀ ọ́n báyìí: ọrẹ kékeré tó jọra ń rọ́ wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí tí báńkì kọ̀ pọ̀ fíìfíì ju èyí tó wọlé lọ, orúkọ àti í-meèlì sì jẹ́ lẹ́tà tí kò nítumọ̀. Ẹ má yọ̀ sí i. Àwọn tó ni káàdì wọ̀nyẹn máa béèrè owó wọn, ẹ ó sì san owó ìjà-owó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti bọ́tìnnì náà pa fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ dá èyí tó wọlé padà kí báńkì tó bèèrè, kí ẹ sì kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìsanwó yín lọ́jọ́ náà. Kí ẹ tó ṣí i padà, ẹ fi iye tó kéré jù lélẹ̀, kó má ṣeé ṣe láti san 1.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ọ̀nà méjèèjì níbí. Ojú-ewé tí Stripe ṣe sílẹ̀ ní ààbò tirẹ̀, ó sì lè gbé ìdánwò «ènìyàn ni mí» jáde fúnra rẹ̀ bó bá fura. Lórí àpótí káàdì lójú-ewé tiyín, ẹ̀yin lẹ máa fi ìdánwò yẹn síbẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa pààlà sí iye ìgbà tí ẹnì kan lè gbìyànjú.

## Kí ẹ tó ṣí i fún gbogbo ènìyàn

Ẹ kọ́kọ́ fi ipò ìdánwò ṣe é. Lórí Stripe, nọ́ńbà `4242 4242 4242 4242` ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sì gba owó kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹnì kan tí kò sí nínú ẹgbẹ́ yín, kó fi fóònù àti káàdì tirẹ̀ san ọrẹ kékeré kan ní tòótọ́. Ẹ má jókòó tì í láti máa tọ́ ọ sọ́nà. Ibi tó bá ti dúró ni ẹ ní láti tún ọ̀rọ̀ yín kọ. Ẹ ní kó ka orúkọ tó rí lójú-ewé ìsanwó fún yín, kó fi rìsíìtì hàn yín, kó sì padà wá nígbà tí àkọsílẹ̀ báńkì rẹ̀ bá jáde láti ka orúkọ tó wà níbẹ̀. Kí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ọ̀kan náà. Níkẹyìn, ẹ dá owó rẹ̀ padà láti inú àkáǹtì yín, kí ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí olùtọrẹ tó ṣe àṣìṣe ní tòótọ́ tó béèrè rẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ náà bá dàgbà tó fi ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìkànnì, tí kóòdù ojú-ewé ọrẹ kò ju èyí tó lè kà tán lọ, ẹ lè gbé àpótí káàdì wá sí ojú-ewé yín nígbà náà. Àkáǹtì ìsanwó kan náà ló ń bá méjèèjì ṣiṣẹ́, kò sì pọn dandan kí àwọn tó ń fún yín lówó lóṣooṣù tún káàdì wọn tẹ̀.